Òmìnira ìpinnu: ṣé ẹ̀bi tá a ń dá fún ara wa tó láti fi hàn pé a ní in?

Akẹ́kọ̀ọ́_Èkìtì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní ká kọ àròkọ ní kíláàsì fìlọ́sọ́fì wa lórí àlàyé kan tí Peter van Inwagen ṣe. Báyìí ló lọ: (1) Bí ẹ̀dá ò bá ní òmìnira láti pinnu, kò sẹ́ni tó lè jẹ̀bi ohun tó ṣe. (2) Àwọn èèyàn a máa jẹ̀bi ohun tí wọ́n ṣe. Torí náà, ẹ̀dá ní òmìnira ìpinnu. Àtakò tí mo rí kà pọ̀, mi ò mọ èyí tó lágbára jù nínú wọn, mi ò sì mọ èsì tí mo lè fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́_Àgbà:
Gbólóhùn kejì ni kó o kọ́kọ́ dì mú, torí òun ni van Inwagen fẹ̀yìn tì. Nínú ìwé tó ṣe jáde ní 1983, ó sọ̀rọ̀ onímọ̀ kan tó ti kọ àpilẹ̀kọ pé kò sóhun tó ń jẹ́ ẹ̀bi láyé yìí. Ìgbà tí wọ́n wá jí lára ìwé ọkùnrin náà, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ìwà tí kò dáa lẹni tó jí i hù. Ohun tó fi bébà sẹ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn án.

Ó tún sọ ohun kan níbẹ̀ tí kò yẹ kó fo àròkọ rẹ. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gbà pé bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá bá ti so ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lónìí mọ́lẹ̀ pátápátá, òmìnira ò lè sí. Síbẹ̀ ó ní bí àwọn onísáyẹ́ǹsì bá fi ẹ̀rí tó dájú hàn lọ́la pé bí ayé ṣe rí gan-an nìyẹn, òun ò ní torí ẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi mọ́. Òun á kúkú yí èrò òun padà, kóun gbà pé òmìnira lè wà nínú irú ayé bẹ́ẹ̀. Wo bí gbólóhùn kejì ṣe wúwo tó lọ́wọ́ ẹ̀: ó ṣe tán láti jọ̀wọ́ èrò tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé yẹn gbèjà, kí gbólóhùn kan yìí ṣáà má ṣubú. Ìbéèrè tí wàá wá bi í ni pé, kí ló mú un dá a lójú tó bẹ́ẹ̀?

Gbólóhùn kìíní náà ní ọ̀tá tiẹ̀ láti 1969, Harry Frankfurt. Mo ń lọ sí kíláàsì báyìí, màá ṣàlàyé ìyẹn tó bá di alẹ́.

Ọmọ_Físíìsì:
Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Sáyẹ́ǹsì ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1983 kan náà, Benjamin Libet àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ wáyà mọ́ àwọn èèyàn lórí, wọ́n ní kí wọ́n máa mi ọrùn ọwọ́ wọn nígbàkigbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì kíyè sí ibi tí àmì kan tó ń yí lójú aago wà lásìkò tí wọ́n mọ̀ ọ́n lára pé àwọn fẹ́ mi ín. Iná inú ọpọlọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú kí ọwọ́ tó mì. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀ pé àwọn fẹ́ ẹ, àfìgbà tó ku nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ọpọlọ ti pinnu kí olówó rẹ̀ tó gbọ́! Ibo ni òmìnira wá wà? Kọ èyí síbẹ̀, o ti yege.

Olùkọ́_Àgbà:
Bẹ́ ẹ ṣe ròyìn àyẹ̀wò yẹn tọ̀nà, ìparí tẹ́ ẹ fà yọ nínú ẹ̀ ni kò dúró. Libet fúnra rẹ̀ ò sọ pé òmìnira ti tán, ó ní ìwọ̀nba àkókò tó kù yẹn ṣì tó fún èèyàn láti dá ọwọ́ dúró. Ní 2012, Aaron Schurger àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún fi hàn pé iná tó ń gbéra yẹn lè má jẹ́ ìpinnu kankan. Ọpọlọ kì í dákẹ́, ariwo inú rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, nígbà tí kò sì sí ìdí tí èèyàn á fi mi ọwọ́ nísinsìnyí dípò ìgbà míì, ibi tí ariwo yẹn bá ti ga tó ni ọwọ́ máa ń mì.

Àmọ́ jẹ́ ká tiẹ̀ pa ìyẹn tì. Ta ni wọ́n dá lẹ́bi rí torí ìṣẹ́jú àáyá tó mi ọwọ́ ẹ̀? Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta ro bó ṣe máa kó owó ẹgbẹ́ jẹ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ń bá wí. Akẹ́kọ̀ọ́, fún Libet ní ìpínrọ̀ kan, kó o máa lọ.

Ìyá_Táíwò:
Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò ka fìlọ́sọ́fì, àbúrò mi ọkùnrin ló jẹ́ kí n dúró kà á. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Owó àjọ tí mo gbà, tí mo ká mọ́ àárín ìró nísàlẹ̀ àpótí, tí mo fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àwọn ìbejì, ó kó o, ó fi ta tẹ́tẹ́ tán kílẹ̀ tó mọ́. Ó wá ń sunkún, ó ní kì í ṣe òun, ó ní ńṣe ni ọwọ́ òun ń lọ fúnra ẹ̀. Ìyá wa ní bí orí ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, kí n fi sílẹ̀. Ṣé ohun tẹ́ ẹ wá ń sọ ni pé bí ò bá lómìnira, mi ò gbọ́dọ̀ bínú sí i?

Lọ́yà_Àkúrẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, owó yẹn á padà wálé. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yín wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ n sọ bí òfin ṣe ń wò ó. Òfin ìwà ọ̀daràn tá à ń lò níbí ní abala 24 pé èèyàn ò jẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ìfẹ́-inú rẹ̀ ló darí rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ọ̀ràn àìbìkítà. Abala 28 wá sọ̀rọ̀ ẹni tí àrùn ọpọlọ gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀, bóyá agbára láti mọ ohun tó ń ṣe, tàbí láti mọ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é, tàbí láti kó ara rẹ̀ níjàánu. Torí náà, bí àbúrò yín bá dé kóòtù tó ní ọwọ́ òun ló ń lọ fúnra ẹ̀, ohun tá a máa bi í ni pé: ìgbà wo lo ṣí àpótí? Ṣé ojú ẹ̀gbọ́n ẹ ni, àbí o dúró kó sùn? Ṣé o ká ìró yẹn padà bó o ṣe bá a kí wọ́n má bàa tètè mọ̀? Ọwọ́ tó mọ̀ pé kóun dúró di òru, tó tún mọ ìró ká, kò dá lọ fúnra ẹ̀.

Lójú tèmi, èyí ló gbe gbólóhùn kejì lẹ́sẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń ya ẹni tó jẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò jẹ̀bi, a sì ní òṣùwọ̀n tá a fi ń yà á. Báwo lẹnì kan ṣe máa wá sọ pé kò sí ẹlẹ́bi kankan?

Olùkọ́_Àgbà:
Mo ṣì máa padà sórí ohun tí Lọ́yà sọ yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ti gbólóhùn kìíní.

Lójú van Inwagen, ẹni tó lómìnira ni ẹni tó ṣe nǹkan kan nígbà tó jẹ́ pé ó lágbára láti ṣe òmíràn. Ìyẹn ni pé, bó o bá jẹ̀bi, ó ní láti jẹ́ pé o lè ṣe é lọ́nà míì. Frankfurt ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ n fi ohun ilé wa ṣe àpẹẹrẹ, torí àtètè-yé ni. Fẹ́mi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ṣọlá fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ sọnù kí ẹgbẹ́ lè tú. Ó lọ wá èdì fún Fẹ́mi, èyí tó jẹ́ pé bí ọkàn Fẹ́mi bá fẹ́ sún sí pé kó má jí owó, èdì á mú un, á sì gbé owó náà sá lọ. Ṣùgbọ́n ká tó wí ká tó fọ̀, Fẹ́mi ti dá a rò fúnra ẹ̀, ó ti jí owó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èdì ò ṣiṣẹ́ kankan, ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí ló wà. Kò sí bí Fẹ́mi ì bá ṣe é tí kò ní jí owó yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ ta ni nínú wa tó máa sọ pé kò jẹ̀bi? Bó bá wá jẹ̀bi láìní ọ̀nà míì, gbólóhùn kìíní ti ya nìyẹn.

John Locke ti sún mọ́ èyí ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé ṣáájú wa. Ó ní ká ronú nípa ẹni tí wọ́n gbé lójú oorun lọ sínú yàrá kan tí ẹni tó ti ń wù ú rí wà, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó jí, inú ẹ̀ dùn, ó jókòó. Tinútinú ló fi jókòó, bẹ́ẹ̀ kò lè jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́_Èkìtì:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ó yé mi ju ti inú ìwé lọ. Ṣé èsì wá wà, àbí kí n gbà pé van Inwagen ti pàdánù?

Olùkọ́_Àgbà:
Èsì wà, ó sì le. Robert Kane dá a sọ ní 1985, David Widerker wá tún un sọ lọ́nà tó mú ju ìyẹn lọ ní 1995. Bi ara rẹ pé: báwo ni èdì ṣe máa mọ̀ pé ọkàn Fẹ́mi fẹ́ sún sí ibi tó dáa? Ó gbọ́dọ̀ rí àmì kan kí Fẹ́mi tó pinnu. Ká ní àmì náà ni pé bí Fẹ́mi bá máa ṣe olóòótọ́ ní aago mẹ́sàn-án, iwájú orí ẹ̀ á làágùn ní aago mẹ́jọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò làágùn, èdì sì fi í sílẹ̀.

Wàyí o, ṣé àìlàágùn yẹn ti so ìpinnu aago mẹ́sàn-án mọ́lẹ̀, àbí kò so ó? Bó bá ti so ó, a jẹ́ pé láti aago mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ Fẹ́mi ti bọ́ sórí, ẹni tó bá sì gbà pé irú ìdè bẹ́ẹ̀ ń pa òmìnira ò ní gbà fún Frankfurt pé Fẹ́mi jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni Frankfurt kàn gbé kalẹ̀ bíi pé wọ́n ti fún un. Bí kò bá sì so ó, a jẹ́ pé Fẹ́mi ṣì lè yí ọkàn padà ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú kan, nígbà tí èdì ti pẹ́ jù. Ó ní ọ̀nà míì nìyẹn. Èyí tó wù kó jẹ́, àpẹẹrẹ náà ò ya gbólóhùn kìíní.

Lọ́yà_Àkúrẹ́:
Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣebí Fẹ́mi ṣì lè làágùn? Àti-làágùn náà ọ̀nà míì ni. Èdì ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Olùkọ́_Àgbà:
Àwọn kan ti sọ bẹ́ẹ̀ náà. John Martin Fischer ló dá wọn lóhùn pé ọ̀nà bíńtín yẹn ò lè gbé ẹ̀bi. Òógùn kì í ṣe ìpinnu, Fẹ́mi ò yàn án, kò tiẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀. Bá a bá fẹ́ sọ pé torí Fẹ́mi lè ṣe òmíràn ló ṣe jẹ̀bi, ohun tó lè ṣe yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tá a lè bá a wí pé kò ṣe. Ṣé ẹ lè dúró ní kóòtù kẹ́ ẹ ní, “Olúwa mi, ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yìí ni pé kò làágùn”?

Lójú mi, ti Kane àti Widerker ló jù. Àwọn tó ń gbèjà Frankfurt ti wá oríṣiríṣi èdì tí kò nílò àmì láti ìgbà náà, mi ò sì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn tán. Nínú àròkọ rẹ, mo lè fara mọ́ ọn bó o bá sọ pé gbólóhùn kìíní ṣì dúró, bó tilẹ̀ ti gbọgbẹ́.

Ọmọ_Awo:
Mo ti ń kà á bọ̀ láti àárọ̀. Ìyà ń jẹ mí pé ẹ ń wá Frankfurt kiri nígbà tí ìdáhùn wà nílé. Àwa kúkú ti yanjú ẹ̀. Kí èèyàn tó wálé ayé, ó ti kúnlẹ̀ yan orí ẹ̀. Ohun tó o bá yàn ni wàá bá láyé. Ìwọ lo yàn án, ìwọ lo ni ín, torí náà o jẹ̀bi ohun tó ti ibẹ̀ wá. Ìyá Táíwò, ohun tí ìyá yín sọ pé bí orí ẹ̀ ṣe rí nìyẹn kò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi rárá, òun ló ṣáà yan orí ọ̀hún.

Olùkọ́_Àgbà:
Ẹ kú àánú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí kì í ṣe ohun tá a lè gbá tì, torí ibi tó le jù nínú gbólóhùn kejì gan-an lẹ tọ́. Galen Strawson kọ ọ́ ní 1994. Ó ní: ohun tó o ṣe, bó o ṣe jẹ́ ló mú ọ ṣe é. Kó o tó lè jẹ̀bi rẹ̀ dé gbòǹgbò, o gbọ́dọ̀ jẹ̀bi bó o ṣe jẹ́. Kó o sì tó lè jẹ̀bi ìyẹn, ó ní láti jẹ́ pé ìwọ lo yàn láti rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń yàn nígbà yẹn, bó o ti ṣe jẹ́ tẹ́lẹ̀ lo fi yàn. Ta ló wá yan ìyẹn? Kò níbi tó máa dúró sí. Ó wá ní torí náà, irú ẹ̀bi tó dé gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ò lè sí, yálà ohun àná so tòní mọ́lẹ̀ o, tàbí kò so ó.

Ẹ wá wo àkúnlẹ̀yàn. Ó gbé yíyàn padà sẹ́yìn, dé ọ̀run. Àmọ́ ẹ rántí bí Ifá ṣe sọ ìtàn àwọn mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá. Oríṣeékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja wọlé, wọn ò bá Àjàlá, wọ́n mú orí tó dán lójú, wọn ò mọ̀ pé kò jinná dáadáa. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ṣí. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà yà sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, àwọn awo ní kó rúbọ, kó sì mú iyọ̀ àti owó dání lọ. Iyọ̀ yẹn ló mú kí oníbodè fọ̀nà hàn án, owó yẹn ló fi san gbèsè Àjàlá tó sá pamọ́ sókè àjà nítorí ẹni tó ń sin ín lówó. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a ṣa orí tó le.

Ohun tó ya Afùwàpẹ́ sọ́tọ̀ lára àwọn méjì yòókù ni bàbá tó ní àti awo tó bá pàdé. Ṣé òun ló yan ìyẹn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin ti bi wá léèrè nínú ìwé tó ṣe jáde ní 1991 pé báwo ni yíyàn tẹ́nì kan yàn láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣe lè di ẹ̀bi sí i lọ́rùn. Ìbéèrè Strawson náà ló dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ilé Àjàlá.

Ọmọ_Awo:
Ẹ ò jẹ́ kí ìtàn parí, olùkọ́. Orí nìkan kọ́ ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ẹsẹ̀ wà, ìwà wà, ẹbọ wà. Bẹ́ ẹ bá tún sọ pé ta ló fún un lẹ́sẹ̀ tó fi rìn, màá bi yín léèrè pé: ta ló ní kí ẹlẹ́bi jẹ́ ẹni tó dá ara ẹ̀ látòkè délẹ̀? Elédùmarè nìkan ló lè rí bẹ́ẹ̀, bóyá. Nígbà tá a bá jókòó ní ilé ẹbí tá a sọ fún ẹnì kan pé o jẹ̀bi, a ò wí pé òun ló dá ara ẹ̀. A ní o mọ̀ ọ́n, o lè ṣe é, o kọ̀. Ó parí. Strawson lọ gbé òṣùwọ̀n kan sókè tí kò sẹ́dàá tí ọwọ́ ẹ̀ lè tó o, ó wá ń ké pé kò sẹ́ni tó kàn án.

Akẹ́kọ̀ọ́_Èkìtì:
Háà, èyí wọ̀ mí lára! Ṣé mo lè lò ó gẹ́gẹ́ bí èsì, sà? Mo ti kọ ìpínrọ̀ kan báyìí: “Àtakò Strawson ò múná dóko, torí pé ẹ̀bi tí àwa ń dá fún ara wa lójoojúmọ́, ní kóòtù àti nínú ilé, kò béèrè pé kéèyàn dá ara rẹ̀. Irú ẹ̀bi yìí wà, ẹnikẹ́ni ò lè sẹ́ ẹ. Nítorí náà gbólóhùn kejì òtítọ́ ni, òmìnira ìpinnu sì wà.”

Olùkọ́_Àgbà:
Lò ó, èsì tó dáa ni Ọmọ_Awo fọ̀. Àmọ́ kíyè sí ohun tó o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe sí àlàyé van Inwagen. O ti dín ẹ̀bi kù kí gbólóhùn kejì lè dúró. Ṣé gbólóhùn kìíní ṣì dúró pẹ̀lú ẹ̀bi tó o dín kù yẹn?

Jẹ́ ká fi ẹjọ́ Ìyá Táíwò wò ó. Nígbà tí a bá ní àbúrò wọn jẹ̀bi, ohun méjì la lè ní lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé òun ló ṣe é, ó mọ ohun tó ń ṣe, ó yẹ ká bá a wí kó lè yí padà, kó san owó, ká sì má fi àpótí sílẹ̀ níwájú ẹ̀ mọ́. Ìkejì ni pé ó tọ́ sí i kí nǹkan dùn ún. Ká tiẹ̀ ní ìbáwí ò ní yí i padà, ká ní kò ní kọ́ ẹlòmíì lọ́gbọ́n, ká ní owó ti padà sílé, ìyà yẹn ṣì tọ́ sí i torí ohun tó ṣe nìkan.

Gbólóhùn kejì rọrùn láti gbà bó bá jẹ́ ẹ̀bi àkọ́kọ́ là ń sọ. Ohun tí Lọ́yà sọ nípa àpótí àti ìró, ohun tí Ọmọ_Awo sọ nípa ilé ẹbí, àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n gbé lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àkọ́kọ́ ò fi dandan béèrè pé kí ọ̀nà méjì ṣí sílẹ̀ níwájú ọkùnrin náà lóru ọjọ́ yẹn. Ká tiẹ̀ ní ohun gbogbo ti so mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀, ìbáwí ṣì lè yí i padà, torí ìbáwí náà wà lára ohun tó ń fa nǹkan. Ẹ̀bi kejì ló béèrè òmìnira tí van Inwagen ń wá. Ẹ̀bi kejì ọ̀hún sì ni Derk Pereboom, nínú ìwé tó ṣe ní 2001, ní kò dá òun lójú rárá pé ó wà. Pereboom ò ní ká má bá olè wí, kò sì ní ká tú ọgbà ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Ó ní a lè máa gbé pọ̀ láìsọ pé ìyà tọ́ sẹ́nì kan.

Ẹ wá padà sórí onímọ̀ tí wọ́n jí ìwé ẹ̀. Ó ní ìwà tí kò dáa ni. Pereboom náà lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnu ẹ̀ má sì tako bébà ẹ̀. Igbe ọkùnrin yẹn ò fi hàn pé ẹ̀bi kejì wà.

Nítorí náà, ibi tí mo rò pé àlàyé náà ti yẹ̀ ni pé ẹ̀bi tó wà nínú gbólóhùn kìíní kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó mú gbólóhùn kejì dà bí ohun tí kò ṣeé jà níyàn. Bó o bá mú wọn bára mu lórí ẹ̀bi àkọ́kọ́, gbólóhùn kìíní á mì. Bó o bá mú wọn bára mu lórí ìkejì, gbólóhùn kejì á wá nílò ẹ̀rí tí van Inwagen kò fún wa.

Ọmọ_Físíìsì:
Mo gbà pé Libet ò parí ẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé nínú físíìsì òde òní, ohun àná kì í so tòní mọ́lẹ̀ tán? Átọ́ọ̀mù ìtànṣán kan lè fọ́ nísinsìnyí, ó lè máà fọ́, kò sóhun tó pinnu rẹ̀ ṣáájú. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Kí ló kù tí van Inwagen ń wá?

Olùkọ́_Àgbà:
Ẹ ò jẹ̀bi pé ọ̀nà ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ka físíìsì yẹn lọ́nà míì ṣì wà. Van Inwagen fúnra rẹ̀ ló wá kó ìdààmú bá a ní 2000. Ó ní ká sọ pé Alice ń ro ó bóyá kóun purọ́ àbí kóun sọ òótọ́, tí kò sì sóhun tó so ìpinnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sọ òótọ́. Ọlọ́run wá dá ayé padà sí bó ṣe wà gẹ́lẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó tún jẹ́ kó máa lọ, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn títí ó fi di ẹgbẹ̀rún. Bó bá sọ òótọ́ nínú nǹkan bí ìdajì, tó purọ́ nínú ìdajì yòókù, tí kò sì sí ìyàtọ̀ kankan nínú ọkàn ẹ̀ ṣáájú, a ò ní mọ̀ bóyá òun ló ń pinnu àbí ohun tó kàn ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn sóun, síbẹ̀ ó di gbólóhùn kejì mú. Mo bọ̀wọ̀ fún òótọ́ inú rẹ̀ yẹn. Àmọ́ ó tún fi hàn pé gbólóhùn kejì ló ń gbé gbogbo ẹrù.

Lọ́yà_Àkúrẹ́:
Mi ò tíì gbà fún yín, olùkọ́. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ pè yẹn, bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ajá tó ń géni jẹ ló jọ. Èmi ti rí ẹni tó jókòó níwájú ẹbí òkú, tó ń wo ojú ìyá ẹni tó pa. Ìyá yẹn ò bá a sọ̀rọ̀ bíi nǹkan tó yẹ ká tún ṣe. Ó bi í pé, “Kí lo rí lọ́bẹ̀ tó o fi waaro ọwọ́?” Ìbéèrè fún ẹni tó lè dáhùn ni. Peter Strawson, bàbá Galen yẹn kan náà, sọ ní 1962 pé ìbínú irú èyí, àti ọpẹ́, àti ìdáríjì, ni wọ́n jẹ́ ká máa wo ara wa bí èèyàn, pé kò sí àlàyé fìlọ́sọ́fì kankan tó lè ní ká yọ ọ́ kúrò. Bí ìbínú ìyá yẹn bá tọ́, ẹ̀bi kejì wà.

Olùkọ́_Àgbà:
Ibi tó dùn mí jù lẹ fọwọ́ kàn. Pereboom á ní ìbànújẹ́ ìyá yẹn tọ́, pé ó lè béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ẹ̀, kó kọ̀ láti bá a rẹ́, láìjẹ́ pé ó gbà pé ìyà tọ́ sí i fún ara ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn á tẹ́ ìyá náà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Peter Strawson ò ràn van Inwagen lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe rò. Ohun tó ń sọ ni pé ìbínú yẹn ò dúró lórí bóyá ọ̀nà méjì ṣí sílẹ̀ tàbí kò ṣí. Bẹ́ ẹ bá gba gbólóhùn kejì lọ́wọ́ ẹ̀, gbólóhùn kìíní ló máa gbà padà lọ́wọ́ yín.

Ìyá_Táíwò:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mi ò ní parọ́, mo ṣì ń bínú sí i, inú mi ò sì sọ fún mi pé torí kó lè yí padà ni mo ṣe ń bínú. Torí pé ó mọ ohun tí owó yẹn wà fún ni. Ó bá mi kà á lálẹ́ tí mo gbà á.

Lọ́yà_Àkúrẹ́:
Akẹ́kọ̀ọ́, kọ ohun tí màmá sọ yìí sílẹ̀, kó o bi olùkọ́ bóyá ẹ̀bi àkọ́kọ́ gba gbogbo ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Èkìtì:
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ẹ kú sùúrù, mà. Màá lo Fẹ́mi àti èdì fún gbólóhùn kìíní, màá fi èyí tó pọ̀ jù sórí ẹ̀bi méjèèjì. Olùkọ́, ọjọ́ Ẹtì la máa fi sílẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá ní èsì sí ti Ìyá Táíwò kó tó di ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi síbí, torí èmi ò tíì rí i.